Eré Ọjọ́ Mẹ́ta Nọ́ọ̀sì Yẹ́misí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Lọ́kọ́ja dáadáa láyé ìgbà tó ṣì wà lábẹ́ Kwara, àfi kó jí kí oòrùn tó yọ láti òdìkejì odò. Ní àkókò yẹn, afẹ́fẹ́ tútù máa ń fẹ́ wá láti orí Odò Ọya, èéfín igi ìdáná á máa rọra gòkè ní Old Market, Òkè Pàtí á sì dúró sẹ́yìn ìlú bí àgbàlagbà tí kò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Tí oòrùn bá fi lè gòkè tán, ó parí. Ooru Lọ́kọ́ja kì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Àkókò tútù yẹn ni Nọ́ọ̀sì Yẹ́misí nílò, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ń rí i lò. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá bọ́ sí àárọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ó lè bọ́ sí ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó tún tó di òru. Ìwé iṣẹ́ tí Métírọ́nì, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, bá lẹ̀ mọ́ ara ògiri ló ń pàṣẹ ìgbà tí yóò sùn, ìgbà tí yóò jẹun, àti ìgbà tí Oyèníyì ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, yóò rí ojú rẹ̀.

Ohun tó sì gbé e dé ìdí eré sísá kò ju típà kan ṣoṣo lọ.

Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí Kérésì kù díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú máa ń sá eré ìje kìlómítà mẹ́wàá. Wọn á gbéra láti pápá, wọn á gba ọ̀nà Gánájà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, wọn á yí po níbi tí ọlọ́pàá kan bá dúró sí, wọn á sì padà. Aago mẹ́fà àbọ̀ ni wọ́n ń gbéra. Tí aago mẹ́jọ bá lù, wọ́n á ṣí ọ̀nà fún mọ́tò, ẹni tí kò bá sì tíì dé, típà tí wọ́n fi ń kó yanrìn ni yóò gbé e wálé. Lọ́dún tó kọjá, Yẹ́misí wà nínú àwọn tí típà gbé. Kì bá tún dùn ún tó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe Sùrájù awakọ̀, aláwàdà ọkùnrin. Bí wọ́n ti dé iwájú èrò ní pápá, Sùrájù gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè díẹ̀ bí ẹni fẹ́ da ẹrù. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ di ara wọn mú, wọ́n ń kígbe Jésù, wọ́n ń kígbe Allah. Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín: "Yanrìn dé o! Yanrìn dé!"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Nọ́ọ̀sì Yanrìn. Àwọn dókítà gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ti búra pé ẹsẹ̀ òun ni òun yóò fi wọ pápá náà lọ́dún yìí, ìbáà jẹ́ òun ló máa kẹ́yìn gbogbo ayé. Bó bá tún di pé típà gbé òun, òun ò ní sá eré kankan mọ́ láyé òun.

Nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, ó lọ bá Jacob Bámiṣayé ní Adánkòló. Ọmọ Kàbà ni Bámiṣayé, ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá kó tó fẹ̀yìn tì. Òun fúnra rẹ̀ kì í sáré mọ́. Ó máa ń sọ pé orúnkún òun ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú òun.

"Òkun o, Bàbá," ni Yẹ́misí kí i bí àwọn ará Kàbà àti Mọ̀pà ti ń kí ara wọn, ó kúnlẹ̀.

"Òkun, ọmọ mi. Ará Mọ̀pà, dìde. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ẹ́ kọ́lé lọ́dún tó kọjá."

"Bàbá, ẹ̀yin náà!"

"Àbí kí ni wọ́n ń fi yanrìn ṣe?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi mú un. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó ní, "Ó dáa, jókòó. Báwo lo ṣe múra lọ́dún náà?"

Yẹ́misí ní òun rí i kà níbì kan pé ọjọ́ Ajé, ọjọ́rú àti ọjọ́ Sátidé ni kí ènìyàn máa sáré. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ bá òun lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́rú, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé ni. Òun sáré lọ́jọ́ Sátidé, ó dùn. Lọ́sẹ̀ kejì, kò sí èyíkéyìí tó bọ́ sí i. Bó ṣe di pé òun ń sá a nígbàkígbà tó bá wù òun nìyẹn, títí ọjọ́ eré fi dé.

"Ẹni tó ń sùn lóru tó ń jí láàárọ̀ ló ni ọjọ́ Ajé àti ọjọ́rú," ni Bàbá wí. "Ọ̀sẹ̀ tìrẹ kò bá ti kàlẹ́ńdà mu. Ibi tí ọjọ́ ìsinmi rẹ bá wà ni kí o ti máa ka ọ̀sẹ̀ rẹ. Eré mẹ́ta péré ni mo máa fún ẹ láti sá láàárín ìsinmi kan sí èkejì."

Ó wá ń ṣàlàyé, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ fa ilẹ̀. Èkíní, eré pẹ̀lẹ́: kó máa sá a lọ́nà tó fi lè máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ. Bí èémí kò bá jẹ́ kó kọ ẹsẹ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan parí, ó ti yára jù, kó dẹwọ́. Èkejì, eré òpó iná: lẹ́yìn tó bá ti rọra sáré tí ara ti gbóná, kó fi agbára sá láti òpó iná kan dé èkejì, kó wá rọra rìn tàbí kó sáré jẹ́jẹ́ kọjá òpó méjì kí èémí padà sípò, kó tún sá. Bíi ẹ̀ẹ̀mẹfà lákọ̀ọ́kọ́, kó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹta, eré gígùn. Eré yẹn kò ní í yára rárá, gígùn ni yóò fi máa pọ̀ sí i. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà mẹ́rin tàbí márùn-ún, yóò máa fi bíi ẹyọ kan kún un lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹrin, yóò dín in kù kí egungun lè sinmi.

"Tó o bá wà lẹ́nu iṣẹ́ àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni kí o sá, nígbà tí oòrùn bá ti tẹ̀. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán, ìdájí ni. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ òru..." Bàbá gbé ojú sókè. "Kí lo máa ń ṣe tó o bá ti iṣẹ́ òru dé?"

"Mo máa ń fọ aṣọ, Bàbá."

"Sùn! Sùn ná. Má ṣe ti iṣẹ́ òru bọ́ sójú ọ̀nà láti sáré. Tó o bá sùn tó, sá eré pẹ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́ kó o tó padà síbi iṣẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eré òpó iná àti eré gígùn, fi wọ́n sí àsìkò tí ara rẹ ti sinmi. Kí ọjọ́ kan, ó kéré tán, sì wà láàárín eré kan sí èkejì."

"Tí ọ̀sẹ̀ náà ò bá wá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́?"

"Mú eré gígùn, mú eré pẹ̀lẹ́, kí o jẹ́ kí ẹ̀kẹta máa lọ. Má sá tẹ̀ lé e."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ra bàtà kánfáàsì tuntun, ó wọ ṣòkòtò péńpé ọkọ rẹ̀, ó ró ìró lé e títí yóò fi jáde kúrò ní agboolé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá kan tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà dìde dúró: "Nọ́ọ̀sì, ta ló kú?" Ọkùnrin ẹlẹ́ja kan ní tiẹ̀ béèrè pé, "Madam, who dey pursue you?" Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí ẹni tó tún ń wo ibi tó wà. Ó ń kọ orin rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ odò lọ, ó ń wo àwọn apẹja tó ń tu ọkọ̀ láàárín ìkùukùu. Lọ́jọ́ eré òpó iná, á kó aṣọ rẹ̀ jọ mọ́ra, á fò bí ẹni tí oyin ń lé, á dúró mí, á tún fò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń le sí i. Oorun rẹ̀ ń dùn sí i. Oyèníyì pàápàá sọ fún un pé, "Ìyá Ọláníyì, o kì í jágbe mọ́ wa mọ́ tó o bá ti iṣẹ́ òru dé."

"Ẹ jẹ́ kí ń tún sáré díẹ̀ sí i ná," ni Yẹ́misí dáhùn, "ẹ ó rí i pé mo máa di áńgẹ́lì."

Ní ọ̀sẹ̀ keje, nígbà tí eré gígùn ti dé kìlómítà mẹ́jọ, Bridget wá bá a nínú wọ́ọ̀dù. Ọmọ Ígálà ni Bridget, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtàtà, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ ìsinmi.

"Yẹ́mi, bàbá ọkọ mi ti kú ní Ìdá. Bá mi gba iṣẹ́ òru mi mọ́ra. Gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Abeg. Tí mi ò bá lọ síbi ìsìnkú yẹn, èmi ni wọ́n máa sin tẹ̀ lé e."

Láàárín àwọn nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni kì í kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lónìí ni ti ẹ, lọ́la ni tèmi. Òfin wọn sì rọrùn: iṣẹ́ tí mo bá bá ọ ṣe, o máa bá mi ṣe é padà, òru fún òru, kò sí ẹ̀dínwó. Yẹ́misí gbà á. Àwọn ọmọ pọ̀ ní wọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ yẹn, ibà ń gbé wọn wá lọ́tùn-ún lósì. Tó bá délé láàárọ̀, á sùn bí òkú, tó bá jí, iṣẹ́ ló tún kàn. Ọ̀sẹ̀ náà lọ tán, kò sá eré kankan.

Ọkàn rẹ̀ kò wá balẹ̀. Ó ń rí típà lójú oorun. Ó ronú pé eré mẹ́ta ni òun jẹ ní gbèsè, ohun tí ènìyàn bá sì jẹ, á san án. Láti ọdún pípẹ́ wá ló ti ń gbé nínú òfin òru fún òru, kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ẹsẹ̀ lè ní òfin tiẹ̀. Ní àárọ̀ tí ó parí iṣẹ́ òru tó gbẹ̀yìn, kò sùn. Ó bọ́ aṣọ funfun, ó wọ bàtà, ó sá eré pẹ̀lẹ́ nínú oòrùn. Lọ́jọ́ kejì, ó sá eré òpó iná. Lọ́jọ́ kẹta, ó sá eré gígùn, ó tún fi kún un. Ó délé, ó ní fún Oyèníyì pé, "Mo ti san gbogbo ẹ̀."

Ní ọjọ́ kẹrin, kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojúgun ọ̀tún rẹ̀ ń dùn ún wọnú egungun. Ó fi omi gbígbóná jó o, ó fi òróró pa á, ó sì ń rìn bí ẹyẹlé tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ó ń yẹra fún ọ̀nà Adánkòló kí Bàbá má bàa rí i.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọ Àṣàbí wà ní wọ́ọ̀dù. Àgbẹ̀ ni Àṣàbí, láti abúlé Ọ̀wọ́rọ̀ kan lẹ́yìn òkè, àyà sì ti ń dun ọmọ rẹ̀ kó tó gbé e wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ náà ti sùn lọ fọnfọn nígbà tí oògùn olómi rẹ̀ kàn, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí i. Nígbà tí Yẹ́misí gbé ìgò dé nírọ̀lẹ́, Àṣàbí na ọwọ́ sí ṣíbí.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bù ú ní méjì."

"Kí ló dé?"

"Èyí tí ò mu lọ́sàn-án ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká san án fún un."

"Rárá o, ìyá. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan tó kàn báyìí ni yóò mu."

"Èyí tọ̀sán wá ṣòfò nìyẹn?"

"Ó ti lọ ni. Ara ọmọ yìí ò lè gba méjì lẹ́ẹ̀kan. Tí a bá ń bá èyí tó ń bọ̀ lọ ní àkókò rẹ̀, oògùn náà á ṣiṣẹ́."

Yẹ́misí dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ojúgun rẹ̀ ń ta á, ó ń wo Àṣàbí bí ẹni pé obìnrin náà ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún òun.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí, ìyá. Ẹ gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, ó tiro lọ sí Adánkòló. Bàbá wò ó láti òkèèrè bó ṣe ń tiro bọ̀.

"Ọjọ́ mélòó lo fi sáré tẹ̀ lé ara wọn?"

"Mẹ́ta, Bàbá. Mo rò pé mò ń san án."

"Ta lo jẹ ní gbèsè?"

Bàbá ní kó na ẹsẹ̀, ó fi àtàńpàkò tẹ ojúgun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó ń dùn gùn, kò dá sójú kan. Ọkàn Bàbá balẹ̀ díẹ̀. Ó ní ká ní ojú kan ṣoṣo ló ń dùn ún bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún ni, òun ì bá ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá.

"Má sáré mọ́ títí wàá fi lè rìn, tí wàá fi lè tọ sókè lẹ́ẹ̀mélòó kan, kó má sì dùn ẹ́. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan, ó lè tó méjì."

"Bàbá! Eré ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin! Wọ́n á gbé mi jù sínú típà!"

"Tó o bá sáré lọ́la, típà ò ní rí ẹ gbé, orí bẹ́ẹ̀dì lo máa wà. Gbogbo èyí tó o ti sá láti ìgbà òjò ṣì wà lára ẹ. Ara kì í gbàgbé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Tó o bá padà, ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀: pẹ̀lẹ́ ná, kí o tún fi pẹ̀lẹ́ tẹ̀ lé e. A ò ní fọwọ́ kan òpó iná mọ́. Eré gígùn kan péré, kìlómítà méje, kí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn tó dé. Lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kékeré méjì, ó tán."

Nígbà tí Bridget ti Ìdá dé, tòun ti ẹja gbígbẹ, ó gbọ́ ìtàn náà, ó sì fi ẹ̀yìn lé ògiri fún ẹ̀rín. "So you carry my night duty go put for your leg! Yẹ́mi, èmi ni mo jẹ ẹ́, èmi ni mo máa san án. Fún mi ní òru tó kàn ẹ, lọ sùn." Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe é, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Yẹ́misí sùn ní àwọn òru yẹn bí ọmọ tuntun. Ní ọjọ́ kejìlá, ó tọ sókè nínú yàrá, ó tún tọ, Oyèníyì ní kí ló ń ṣe ilẹ̀ ilé. Kò dùn ún. Ó sá eré pẹ̀lẹ́ kan lẹ́yìn náà, kúkúrú bí ọ̀rọ̀ ìkíni. Ẹsẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó sá kìlómítà méje náà nígbà tó yẹ, ó dúró níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó fi ẹyọ kan kún un.

Ọjọ́ eré pé. Ọyẹ́ bo ìlú, òdìkejì odò kò hàn. Bàbá jókòó sórí àga tí Oyèníyì gbé wá fún un, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn. Orin rẹ ni kí o máa gbọ́."

Fèrè dún. Àwọn ọ̀dọ́ akọ̀wé fò jáde bí eṣinṣin inú ìgò. Ẹsẹ̀ Yẹ́misí fẹ́ tẹ̀ lé wọn, ó fà á padà, ó kọ orin rẹ̀. Kí ó tó jáde nínú ìlú, òun ló gbẹ̀yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni típà wà, tó ń kùn bọ̀. Sùrájù yọrí jáde.

"Nọ́ọ̀sì! Mo ti bá yín tọ́jú àyè yín o! Ẹ̀gbẹ́ wíńdò!"

"Típà rẹ ò ní wíńdò lẹ́yìn, Sùrájù."

"Nítorí yín ni mo ṣe máa gé e!"

Yẹ́misí fi èémí tó kù kọ orin rẹ̀. Ó yí ọlọ́pàá po. Lójú ọ̀nà àbọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó sáré jáde bí eṣinṣin pàdé. Ọ̀kan ń rìn, ó di ẹ̀gbẹ́ mú. Ọ̀kan jókòó sórí òkúta, ó bọ́ bàtà. Ó kí wọn, ó kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tún gbéra sáré kọjá rẹ̀ nítorí ìtìjú, ó sì tún dúró níwájú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, Yẹ́misí gbọ́ tí típà dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ké. Ó gbọ́ ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin náà tó ń bẹ Sùrájù pé kó má gbé ọkọ̀ sókè.

Ibi tó ku kìlómítà méjì ni ara wá wúwo. Eré gígùn rẹ̀ kò dé ibí yìí láti ìgbà tí ojúgun ti dùn ún. Orin já lẹ́nu rẹ̀. Ó ronú láti fi agbára sá a, bí ìgbà òpó iná, kó lè parí kíákíá. Òpó iná kan ń bẹ níwájú tó dà bí ẹni ń pè é. Ó wo òpó náà, ó dẹwọ́ dípò kó yára, ó sáré kúkúrú kúkúrú títí èémí fi padà. Ẹsẹ orin kan wọlé, ó parí, òmíràn wọlé. Típà ń kùn lẹ́yìn, kò jìnnà, kò sì súnmọ́ ọn.

Ó wọ pápá kí aago mẹ́jọ tó lù. Èrò ti ń túká. Wọ́n ti fún àwọn tó gbégbá orókè ní ife wọn, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń ká wáyà rẹ̀. Bí típà ti wọlé tẹ̀ lé e, gbogbo ojú yí síbẹ̀, àwọn ọmọdé bú sórin, kò sí ẹni tó rí obìnrin kan tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá ìlà funfun gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kẹ́yìn nínú àwọn tí típà kò gbé. Oyèníyì nìkan ló rí i, ó ń pa àtẹ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ fà á ya.

Yẹ́misí jókòó sórí koríko lẹ́bàá àga Bàbá. Ó ń rẹ́rìn-ín, eruku ọyẹ́ funfun lójú rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lo ní lónìí?" ni Bàbá béèrè.

"Ọ̀sán. Aago méjì."

"Ó tó àkókò láti sùn díẹ̀ ná."

"Bàbá," ni Yẹ́misí wí, "ìgbà wo ni mo tún máa sáré?"

Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀, ó dìde pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tí kò fẹ́ dìde. "Lọ bi ògiri Métírọ́nì léèrè," ni ó wí. "Kó ṣáà má jẹ́ lọ́la."